Lẹ́tà tí ọ̀gá mi àtijọ́ kọ sí mi nípa ìjà ẹni méjì tó wà lábẹ́ mi: ẹ bá mi dá sí i

Títí Ìsọlọ̀

Ẹ kú ilé o. Oṣù kejì rèé tí wọ́n fi mí ṣe olórí ikọ̀ ní wíáháùsì kan ní Ìsọlọ̀ níbí. Èèyàn mọ́kànlá ló wà lábẹ́ mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, páléètì òróró kan, ìyẹn páálí òróró tí a tò sórí igi pẹlẹbẹ, dànù lẹ́nu ọ̀nà kejì. Páálí mẹ́rin ló bàjẹ́, òróró sì ṣàn dé ìdí ọ́fíìsì. Ẹni tó ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń fi eyín irin gbé ẹrù, ní ẹni tó to ẹrù ló to ìtòkutò. Ẹni tó to ẹrù ní eré àsápajúdé ni fọ́kílíìfù ń sá. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ yanjú ẹ̀. Máníjà ní kí n parí ọ̀rọ̀ náà kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí n pín owó páálí mẹ́rin yẹn sí méjì, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù àwọn méjèèjì.

Ká sòótọ́, ó bójú mu lójú mi. Mo pe bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n kàn lè sọ fún mi pé mo ṣe é re. Wọn ò sọ nǹkan kan lórí fóònù. Òru ni lẹ́tà wọn wọlé lórí Wásáàpù. Mo tọrọ àyè kí n tó gbé e síbí, wọ́n ní kò burú, kí n ṣáà má dárúkọ ilé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

*Títílayọ̀ ọmọ mi,*

*Mi ò dá ẹ lóhùn lọ́sàn-án torí ohun tí o bi mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀. O ní o fẹ́ pín in sí méjì. Èmi náà pín in sí méjì rí. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ.*

*Ó ti pẹ́, o ò tíì débẹ̀ nígbà yẹn. Ṣíìfù òru gba páléètì mẹ́wàá lọ́wọ́ tírélà kan. Páálí mẹ́sàn-án ló wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóòró. Ìpele mẹ́fà ni, nítorí náà páléètì kan jẹ́ 54, mẹ́wàá jẹ́ 540. Àgbàlagbà kan ló ń darí òru, ó fọwọ́ sí wébìlì, ìwé tó bá ọjà wá, pé 540 pé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọkùnrin tó ń pín ọjà sọ́kọ̀ tú gbogbo rẹ̀, ó ka 530. Páálí mẹ́wàá ti wọgbó.*

*Mo pe àwọn méjèèjì síwájú ọ́fíìsì. Mo kọ́kọ́ yíjú sí àgbàlagbà, mo ní, “Bàbá, ẹ ṣàlàyé tiyín.” Bàbá sọ̀rọ̀ títí, ó búra, ó ní ọmọ òun gan-an ju ọmọ yìí lọ. Mo wá yíjú sí ọmọ náà, mo ní, “Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sọ?” Ó sorí kọ́, ó ní, “Ọ̀gá, 530 ni mo kà.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà pé ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ ní nǹkan tó ń fi pa mọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo gbè sẹ́yìn àgbà. Mo ní kí kálukú san márùn-ún márùn-ún, oṣù méjì la fi yọ ọ́. Inú mi dùn sí ara mi, mo rò pé èmi ni Sólómọ́nì. Mo gbàgbé pé Sólómọ́nì gan-an ò gé ọmọ náà sí méjì, ó kàn fi idà dẹ́rù bà wọ́n ni. Ọmọkùnrin yẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù kejì tó pé.*

*Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, fọ́kílíìfù fi eyín gún náílọ̀n páléètì kan. Bí a ṣe ń tún un wé, ẹnì kan gbé ọwọ́ lé òkè rẹ̀, àárín rì wọlé. Nígbà tí a tú u, a rí ihò gbalaja láti ìsàlẹ̀ títí dé abẹ́ ìpele òkè. Ìpele márùn-ún ni wọn ò fi páálí àárín sí, mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n tò yí ihò náà ká. Wọ́n wá tẹ́ páálí pẹlẹbẹ kan lé e, wọ́n to ìpele òkè lé ìyẹn ní pípé, wọ́n sì fi náílọ̀n wé gbogbo rẹ̀. Bí o bá yí i ká lẹ́ẹ̀mẹwàá, 54 lo máa rí. 49 ló wà níbẹ̀. Mo lọ tú ìwé wò. Ilé ìkẹ́rùsí kan náà tí ti àkọ́kọ́ ti wá nìyí ti wá. Páléètì méjì tó ní ihò bẹ́ẹ̀, ṣebí páálí mẹ́wàá nìyẹn. Bàbá ò jalè. Ọmọ náà ò jalè.*

*Wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ wọn ò tiẹ̀ takora. Bàbá ka páléètì, ó sọ ọ́ di iye páálí. Ọmọ náà ka páálí lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ká ní mo bi Bàbá pé, “Báwo lẹ ṣe kà á?” dípò “Ṣé ó pé?”, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà ì bá gbà, a ò bá sì ti mú ẹjọ́ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí ọjà ti wá. Ìbúwọ́lù tó wà lórí wébìlì ò ju pé páléètì mẹ́wàá wọlé pẹ̀lú náílọ̀n wọn. Èmi ni mo kà á bíi pé 540 ni.*

*Mo wá ọmọ yẹn lọ sí Ìdí-Òrò ní Múṣin, ó ti ń wa kẹ̀kẹ́. Ilé iṣẹ́ ò dá owó padà, àpò mi ni mo ti mú un. Ó gbà á, ó kà á, ó ní, “Ọ̀gá, ṣebí ẹ ò bi mí nígbà yẹn.” Mo ní mo bi í. Ó ní, “Iwájú Bàbá lẹ ti bi mí.”*

*Ìdí nìyí tí mo fi ń gbọ́ tẹnu wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìgbà náà. Àwa Yorùbá ò kọ́ ọmọ láti já àgbà nírọ́ lójú àgbà. Tí o bá kó wọn jọ, àgbà nìkan lo máa gbọ́, wàá sì máa pe ìyẹn ní ìgbẹ́jọ́. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi gbẹ́jọ́ ẹni méjì, síbẹ̀ ti ẹnìkan ni mo gbọ́. Ìbéèrè kan náà ni kí o bi wọ́n, ọ̀nà kan náà ni kí o gbà bi wọ́n, kí o sì kọ ohun tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti ṣáájú wàhálà: níbo lo wà, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ, kí lo fojú ẹ rí, báwo lo ṣe mọ̀. Má bi wọ́n pé ta ló jẹ̀bi. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn.*

*Ohun kékeré kan tún wà. Tí o bá ń fi “ẹ” bá ọ̀kan sọ̀rọ̀, tí o ń fi “o” bá èkejì, etí kejì ti gbọ́ ìdájọ́ kí o tó dá a. Èmi máa ń fi “ẹ” bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ tí mo bá ti jókòó láti gbẹ́jọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n á mọ̀ pé ọjọ́ náà yàtọ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn ò bá sì gbọ́ Yorùbá dénú, pijin ni kí o sọ fún àwọn méjèèjì, má sọ Yorùbá dídùn fún ọ̀kan kí o wá dá èkejì lẹ́jọ́ ní èdè tó ń kọsẹ̀ níbẹ̀.*

*Gbọ́ tẹnu wọn tán, kí o lọ dúró níbi tí páléètì ti ṣubú kí wọ́n tó gbá ilẹ̀ ibẹ̀ tán. Mo mọ̀ pé wọ́n ti gbá a. Lọ náà.*

Ràsákì Afọ́kílíìfù

Bàbá yìí ti rìn jìnnà. Èmi ti ń wa fọ́kílíìfù láti Àpápá títí dé Àmúwò, ẹ jẹ́ kí n bá Títí wo ti tiẹ̀. Apá wo ni ẹrù ṣubú sí, apá wo ni ọkọ̀ ń yà sí? Tí fọ́kílíìfù bá sá eré tó sì yà sọ́tùn-ún, òsì ni ẹrù máa fẹ́ ṣubú sí, ìpele òkè ló sì máa kọ́kọ́ lọ. Tó bá jẹ́ ìtòkutò ni, páálí ìsàlẹ̀ á ti wó tàbí kó yọ etí kọjá igi páléètì, gbogbo ẹ̀ á wá tẹ̀ síbi tí àìlera wà, bí ọkọ̀ ò tiẹ̀ yà rárá.

Bi ẹni tó wà á pé báwo ni eyín fọ́kílíìfù ṣe ga sí ilẹ̀ tó. Tí ẹrù bá wà lórí ẹ̀, kò yẹ kó ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ, kó sì tẹ òpó sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹrù lè fẹ̀yìn tì í. Ẹni tó ń gbé ẹrù rìn ní ìwọ̀n ìbàdí, ẹjọ́ ń bẹ lọ́rùn ẹ̀, kò sí àlàyé.

Títí Ìsọlọ̀

Ẹ ṣé, Bọ̀dá Ràsákì. Òsì ló ṣubú sí, ọ̀tún ni wọ́n ń yà sí. Ṣùgbọ́n mo wo fọ́tò tí ẹnì kan yà, náílọ̀n ò dé ara igi páléètì rárá, òkè nìkan ni wọ́n wé. Páálí náà sì wà lórí ara wọn gbọọrọ bí òpó, wọn ò to ìpele kan kọjá lórí èkejì.

Ràsákì Afọ́kílíìfù

Háà. Òpó tí kò dì mọ́ igi. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ọkọ̀ bá kàn yà díẹ̀, á dànù. Mi ò lè fi fọ́tò dá a fún yín mọ́.

Ìyá Aránṣọ Èbúté Mẹ́ta

Títí, èmi náà jẹ irú ìyà yìí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì fi áyọ̀n jó léèsì oníbàárà, ọ̀kan ní NEPA mú iná lọ, òun ò mọ̀ pé òun ò pa á, èkejì ní òun ò fọwọ́ kan áyọ̀n. Mo ní kí àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ fún wákàtí kan, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Èmi ni mo ra léèsì. Ìgbà tí ọ̀kan ń ṣe fìrídọ̀m lẹ́yìn ọdún méjì ló tó sọ fún mi pé àwọn ti bá ara àwọn sọ ọ́ kí n tó dé pé ẹnikẹ́ni ò ní í sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tètè gbọ́ o, kí wọ́n tó ṣèpàdé.

Ọmọ Aláyé Ṣómólú

Kí ló le nínú èyí? Ẹ di owó tírélà mú. Ẹni tó gbé ọjà wá ni kó san án. Mo ní nọ́ńbà agbẹjọ́rò kan tó máa ń bá èèyàn gba owó lọ́wọ́ onítírélà.

Títí Ìsọlọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ìtàn Bàbá lẹ kà. Tírélà ò sí nínú tèmi. Inú ilé wa ni páléètì náà ti ṣubú.

Kúnlé Ìkẹjà

Mo ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Ìtàn Bàbá dùn, ṣùgbọ́n ẹ má pa ara yín. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i nínú ìwé ìgbàwọṣẹ́ pé kí wọ́n yọ owó ohun tí wọ́n bà jẹ́, ó ti parí. Ẹni tó fọwọ́ síwèé ló gbà. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fún àwọn méjèèjì ní kúẹ́rì kí fáìlì lè mọ́.

Akọ̀wé Yábàá

Kúnlé, kúẹ́rì tí o sọ dára, torí ó ń jẹ́ kí kálukú fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ tiẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Ti owó yíyọ ni o ti ṣìnà. Òfin Òṣìṣẹ́ ló ń darí rẹ̀, apá karùn-ún. Ó ní agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ bá òṣìṣẹ́ ṣàdéhùn pé òun á yọ ọ́. Ìwé ìgbàwọṣẹ́ tí o ń sọ yẹn gan-an ni òfin ń bá wí.

Ọ̀nà kan ló ṣí sílẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù, tàbí tó fi àìbìkítà fà á, agbanisíṣẹ́ lè yọ iye tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fi ìwé gbà á ṣáájú. Ṣáájú ni mo wí, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó ti kúrò. Lápapọ̀, ohun tí wọ́n ń yọ lóṣù kan ò gbọdọ̀ kọjá ìdá mẹ́ta owó oṣù náà. Òfin yìí wà fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé, nítorí náà àwọn tó ń to ẹrù àti awafọ́kílíìfù wà lábẹ́ ẹ̀. Àwọn ọ̀gá àgbà tó ń ṣàkóso ò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, Títí, ohun tí máníjà ní kí o ṣe kọjá agbára rẹ, ó sì kọjá agbára tiẹ̀. Má fọwọ́ síwèé náà. Sọ fún un pé o ń wádìí, kó fún ẹ ní ọjọ́ díẹ̀.

Kúnlé Ìkẹjà

Gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Akọ̀wé Yábàá

Mo mọ̀. Èmi náà ti rí i. Òṣìṣẹ́ tó bá gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ní Ìkòyí ló kù, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní owó ọkọ̀ ibẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Gbogbo Ayé

Tí ẹ̀yin àti wọn ò bá gbọ́ra yín yé, ìjọba Èkó ní ibi tí wọ́n ti ń parí ìjà ará ìlú láìgba kọ́bọ̀, àwọn ló parí èmi àti lándílọ́ọ̀dù mi. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbọ́dọ̀ gbà láti wá o. Lándílọ́ọ̀dù mi ò kọ́kọ́ wá, ìgbà tí ìwé kejì dé ọwọ́ ẹ̀ ló tó yọjú.

Ọ̀gá Títí, láti orí fóònù Títí

Èmi tí mo kọ lẹ́tà ni. Títí ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé, ká ní mo mọ òfin yẹn nígbà náà, mi ò bá ti rí ibi sá sí. Ràsákì, o ṣeun, ṣùgbọ́n o bẹ̀rẹ̀ láti ara awakọ̀, o sì parí sí ara ẹni tó tò ó, o ò tíì béèrè nípa ilẹ̀. Títí, nígbà tí mo wà níbẹ̀, ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà kejì ní kòtò kan níbi tí kọnkéré méjì ti pàdé. Ṣé wọ́n ti dí i?

Ọ̀kan ṣì kù. Ta ló fọwọ́ sí ìwé ṣíìfù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé ohun gbogbo wà létò?

Títí Ìsọlọ̀

Èmi ni.

Ọ̀gá Títí, láti orí fóònù Títí

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà wà nínú ẹjọ́. Kọ tìẹ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tiwọn, fún olórí ikọ̀ mìíràn ní gbogbo ìwé náà kó bá yín wò ó. Má bínú. Ó máa ń dun èèyàn.

Kúnlé Ìkẹjà

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí olórí ikọ̀ fọwọ́ sí ló máa ń gbé fún ẹlòmíì, ta ló máa dá ẹjọ́ kankan níbẹ̀? Gbogbo ìwé ṣíìfù ló ń fọwọ́ sí. Wọ́n á ní kò lè ṣe iṣẹ́.

Akọ̀wé Yábàá

Mo gbà pẹ̀lú Kúnlé díẹ̀ níbí. Tó bá jẹ́ ìjà lórí ẹni tó pẹ́ dé, kó dá a. Ti ibi tí ìbúwọ́lù ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń wádìí ló yàtọ̀.

Títí Ìsọlọ̀

Mo padà wá jábọ̀. Mo gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì lánàá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní yàrá tí a ń kó náílọ̀n sí. Ará Bàdágìrì ni bọ̀dá tó ń wa fọ́kílíìfù, Ẹ̀gùn ni wọ́n ń sọ nílé, èmi ò sì mọ̀ láti oṣù méjì yìí. Pijin ni mo bá àwọn méjèèjì sọ. Bọ̀dá náà sọ fún mi pé àwọn gbé eyín sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bi wọ́n ìdí ẹ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá gbé e sílẹ̀ bó ṣe yẹ, eyín á máa ha kòtò ẹnu ọ̀nà yẹn, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí àwọn ti sọ ọ́.

Ọmọkùnrin tó tò ó ní náílọ̀n ṣẹ́kù díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ni òun ṣe wé òkè nìkan. Mi ò bi í tẹ́lẹ̀. Mo lọ wo ìwé, lóòótọ́, róòlù kan ni wọ́n fún ṣíìfù náà. Èmi ni mo gba róòlù yẹn.

Mo fi tépù wọn kòtò náà, ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Mo kó gbogbo ẹ̀ fún olórí ṣíìfù òru, mo sì sọ fún máníjà pé mi ò lè fọwọ́ sí owó yíyọ láìsí ìwé ìjọba. Kò dáhùn. Ó kàn ní kí n fi ìwọ̀n kòtò náà ránṣẹ́ sí òun.

Ohun tó ń dà mí láàmú báyìí ni ti ọmọkùnrin náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó máa to ìpele kọjá ara wọn, mo ti béèrè yíká. Ṣùgbọ́n bọ̀dá afọ́kílíìfù ní òun sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà ní rárá. Kò sẹ́nì kẹta níbẹ̀.

Ràsákì Afọ́kílíìfù

Èdè wo ló fi sọ fún un?

Títí Ìsọlọ̀

Mi ò bi wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n pe olórí ṣíìfù òru kó tó jókòó tì wọ́n.